Hẹ́sẹ́dì: ṣé àánú ni, àbí ìfẹ́ tí kì í yẹ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, à ń tún ìwé Rúùtù túmọ̀. Hẹ́sẹ́dì, ọ̀rọ̀ Hébérù tó wà ní orí 3 ẹsẹ 10, ṣé àánú ni ká kọ, àbí ìfẹ́ tí kì í yẹ̀?"

Alàgbà: Àánú ni. Àwọn tó túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí Gíríìkì ṣáájú ìbí Jésù, ẹlẹ́osì ni wọ́n sábà máa ń kọ fún un, àánú sì nìyẹn. Àbí àwọn yẹn ò gbọ́ Hébérù ni?

Ìyá Ìbejì: Bàbá, ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ náà. Bóásì ló ń bá Rúùtù sọ̀rọ̀ ní ilẹ̀ ìpakà lóru. Ó ní hẹ́sẹ́dì tó ṣe kẹ́yìn yìí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé kò sá tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ta ló ń ṣàánú ta níbẹ̀? Opó ni Rúùtù, ará Móábù tó ń ṣa ọkà tí àwọn olùkórè fi sílẹ̀. Bóásì ló loko. Lẹ́nu wa, ẹni tó rọ́wọ́ mú ló ń ṣàánú ẹni tí kò ní. Ohun tí Bóásì ń yìn ni pé Rúùtù ò pa ilé ọkọ rẹ̀ tó ti kú tì.

Olùbéèrè: Ọmọ mi ń jẹ́ Àánúolúwapọ̀. Ṣé kí n yí orúkọ náà padà ni?

Ìyá Ìbejì: Rárá o, orúkọ yẹn dára. Hébérù náà ní ọ̀rọ̀ àánú tirẹ̀, ráhámímù, tó bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe ilé ọmọ tan. Hóséà 2:19 kó òun àti hẹ́sẹ́dì pọ̀. Bí a bá kọ àánú fún hẹ́sẹ́dì, kí la máa kọ fún ìkejì?

Alàgbà: Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kọ "oore ìmùlẹ̀". Ní 1927, Nelson Glueck, onímọ̀ Bíbélì kan, ní ojúṣe àwọn tó jọ dá májẹ̀mú ni hẹ́sẹ́dì.

Ìyá Ìbejì: Ojúṣe ti le jù, Bàbá. Náómì fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn ìyàwó ọmọ òun padà sílé. Ọ́pà padà, ẹnikẹ́ni ò sì bá a wí. Rúùtù dúró nígbà tí ọ̀nà ti là fún un láti lọ. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ "ìfẹ́ tí kì í yẹ̀" níbí. Ìmùlẹ̀ tiẹ̀ máa gbé ọkàn òǹkàwé lọ síbi awo.

Alàgbà: Mo gbà ní Rúùtù. Ṣùgbọ́n Hóséà 6:6 ńkọ́? Jésù fa ẹsẹ yẹn yọ nínú Mátíù 9:13 nígbà tó ń bá àwọn agbowó orí jẹun, ẹlẹ́osì ló sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá yí ti Hóséà, òǹkàwé ò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ kan tó bá ìwé méjèèjì mu. Ní báyìí, màá fi àánú sílẹ̀ nínú Mátíù, màá sì kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé Hóséà.

Alàgbà: Èmi ò ní fọwọ́ kan ti Hóséà rárá.