Àbọ̀ lórí omi ṣáwà tó ń jó ni lójijì

“Kí ló dé tí omi ṣáwà ilé wa n'Ìjẹ̀bú-Òde fi máa ń gbóná janjan bí ẹnì kan bá ti fa omi tọ́ílẹ̀tì?”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ dáhùn. Ẹni tó dá hítà lẹ́bi gba ibì kan, nítorí a bá omi rẹ̀ ní 60°C, èyí tó lè bó ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5. Ṣùgbọ́n páìpù omi tútù kan ṣoṣo ló ń bọ́ ṣáwà àti tọ́ílẹ̀tì, bí tọ́ílẹ̀tì bá sì ti ń fa omi, agbára omi tútù á lọ sílẹ̀, ti gbígbóná á sì borí.

Bàbá púlọ́ńbà wa láti Ṣàgámù fi fáàfù tó ń mú agbára omi méjèèjì dọ́gba sínú ògiri. Irin kékeré kan ń sún nínú rẹ̀: bí omi tútù bá dínkù, á dí ọ̀nà omi gbígbóná ní ìwọ̀n kan náà. Bàbá mì í sí mi létí, ó ń ró ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀; wọ́n ní bí kò bá dún mọ́, ìdọ̀tí omi ti há a. Lánàá, ọmọ mi fa omi tọ́ílẹ̀tì nígbà tí mo ń wẹ̀: omi kàn tín-ín-rín díẹ̀ ni, ooru rẹ̀ kò yí padà.

Màmá tí omi tiyín ń gbóná díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó fa omi, fáàfù yìí kò mọ ooru; ẹ dín hítà kù. Bóyá yóò ṣiṣẹ́ dáadáa bí omi táǹkì òkè bá kù díẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, a kò tíì dán an wò.