Ọmọ tó bá fóònù láyé, ṣé ó mọ kọ̀ǹpútà ni?

Olùkọ́ Kíláàsì: Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni, ẹ wá sọ tiyín. Ọmọ ọdún 19 kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń gé fídíò lórí fóònù bí ẹni ń mumi. Mo ní kó fi iṣẹ́ tó tẹ̀ ránṣẹ́, ó ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà fi ránṣẹ́. Mo bi í pé ibo ló tọ́jú fáìlì náà sí, ó ní, "Ó wà nínú Wọ́ọ̀dù." Kì í ṣe òmùgọ̀ o. Lórí fóònù, tó bá ti ṣí áàpù, iṣẹ́ ẹ̀ ti wà níbẹ̀. Kí ló máa fi wá fódà lọ?

Bàbá Ìbejì: Ẹ ṣeun jàre! Ariwo lásán ni tàwọn ọmọ yìí. Àwa tá a bẹ̀rẹ̀ láyé dísíkẹ́ẹ̀tì la mọ̀ ọ́n.

Aṣèwádìí: Ẹ dúró ná, sà. Marc Prensky, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, ló kọ ọ́ ní 2001 pé àwọn tí wọ́n bí sáàárín kọ̀ǹpútà dà bí ọmọ onílùú, pé àlejò ni àwọn àgbà. Kò gbé ìdánwò kankan kalẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n wá dán àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ wò lórí lílo kọ̀ǹpútà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní ICILS, ti 2018, bíi 2 péré nínú 100 ló dé ìpele tó ga jù. Àmọ́ ẹ má tíì jó: nínú ìdánwò fífi kọ̀ǹpútà yanjú ìṣòro tí OECD, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè kan lórí ọrọ̀ ajé, ṣe fún àgbàlagbà, àwọn ẹni ọdún 25 sí 34 ṣe dáadáa ju àwọn ẹni ọdún 55 sí 65 lọ.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ìwádìí Sam Wineburg àti Sarah McGrew. Wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Stanford 25, onímọ̀ ìtàn 10 àti àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ ìròyìn wò, 10, jókòó. Wọ́n fún wọn ní ojúewé ẹgbẹ́ dókítà ọmọdé méjì: ọ̀kan jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá, èkejì jẹ́ ẹgbẹ́ kékeré tó yapa kúrò lára ẹ̀. Ojúewé tó wà níwájú wọn gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà: ti ẹgbẹ́ kékeré náà mọ́, ó ní ìtọ́kasí, ó dà bí ti gidi. Ó tan àwọn kan nínú àwọn onímọ̀ ìtàn pàápàá jẹ. Àwọn ayẹ̀ròyìnwò ò tiẹ̀ pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ṣí ojúewé míì, wọ́n wo ohun táwọn ẹlòmíì ń sọ nípa ẹgbẹ́ náà.

Màmá Dára: Ẹ ń sọ pé kí n gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọmọ mi ọlọ́dún 4 nìyẹn?

Olùkọ́ Kíláàsì: Rárá, mà, ìyẹn kọ́.

Ẹni Ìfẹ̀yìntì: Ẹni ọdún 67 ni mí, ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́ ṣe. Fódà ò lè ṣi mí lọ́nà láé. Bí wọ́n bá ti yí ibi tí bọ́tìnnì wà padà báyìí, mo dúró sójú kan, ọmọ-ọmọ mi á kàn máa tẹ káàkiri títí á fi rí i. Ṣé ọjọ́ orí nìyẹn, àbí iṣẹ́ tá a ti ṣe ni?

Aṣèwádìí: Méjèèjì ni, sà. Ìwé tí èèyàn kà náà wà níbẹ̀. Ìwọ̀n tí ìkọ̀ọ̀kan ń kó ló ṣòro láti yà sọ́tọ̀.

Bàbá Ìbejì: Mo ṣì sọ pé dísíkẹ́ẹ̀tì ni.