«Àkọbúra» tàbí «ìwé ìbúra»? Lórí ìwé tí a fi ń tún orúkọ àti ọjọ́ ìbí ṣe

Atúmọ̀-ìwé, Abẹ́òkúta:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Mo ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn tó fẹ́ tún orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí wọn ṣe nínú àkọsílẹ̀ ìjọba. Mo pe afidáfíìtì ní «àkọbúra», nítorí pé ohun tí a kọ tí a sì búra sí ni. Olóòtú mi ní kò dára. Ṣé ẹ gbà á wọlé, àbí kí n padà sí «ìwé ìbúra»?

Olùkọ́-fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ọmọ mi, olóòtú rẹ kò jẹ̀bi. «Kọ» tó wà láàrin ọ̀rọ̀ rẹ ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí a bá fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ, àìsí àmì lórí «kọ» yìí yóò rán wa létí àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tó ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń fi àmì sí i? Bí àmì bá ti bọ́ lára ìwé, «àkọ́búra» ni òǹkàwé yóò pè é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe àkọ́bí àti àkọ́so, yóò sì máa rò pé ìbúra àkọ́kọ́ ni, kí ó wá máa wá èyí tí ó tẹ̀lé e. Ẹni tó ń tún ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe ti ní ìdààmú àkọ́kọ́ àti ìkejì tó pọ̀ tó nínú ìwé rẹ̀ kí a tó fi èyí kún un.

Èmi kò sì fẹ́ràn «ìwé ìbúra». Àwọn àgbà tó kọ́ mi ní gírámà máa ń kìlọ̀ pé kí a tú ọ̀rọ̀ wò kí a tó lò ó. Bú àti ara ló di búra: ẹni tó búra fi ara rẹ̀ bú bí ó bá purọ́. Èwo ni ti èpè nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, nígbà tí ẹni tó ni ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ ló wá sọ iye ọdún rẹ̀? «Ìwé ẹ̀rí-òótọ́» ni kí o kọ.

Ògbufọ̀ kọ́ọ̀tù, Ọ̀yọ́:

Mo kí yín, Bàbá. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Kọmíṣọ́nà fún Ìbúra ní ilé ẹjọ́ gíga, tí mò ń ka ìwé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ fún àwọn ìyá àti bàbá tí kò mọ̀wé, kí wọ́n tó tẹ ìka sí i. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 fẹ́ kí a kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ pé a ti kà á fún ẹni náà, a sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tó gbọ́, àti pé ó hàn pé ó yé e. Nítorí náà, orúkọ tí ẹ bá fún ìwé yìí ni ìyá àgbà yóò gbọ́ kí ó tó na ọwọ́ síta tàbí kí ó ká a sẹ́yìn.

Mo ti rí èyí tó ká a sẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ ló mú un wá láti abúlé. Bí mo ti ní, «Màmá, ẹ ó búra,» ni ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìborùn, ó ní, «N ò jalè, n ò sì gba ohun olóhun. Kí ni n ó búra sí?» Lójú tirẹ̀, ẹni tí wọ́n fura sí ni wọ́n ń gbé irin fún pé kó fi búra. Mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ: «Màmá, wọ́n fẹ́ kí ẹ fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ bí i, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ bí i.» Ó na ọwọ́ síta. Bí ó bá tilẹ̀ takú pé ìgbàgbọ́ òun kò fàyè gba ìbúra, òfin gbà kí ó fi ìdí òótọ́ múlẹ̀ láìbúra. Lórí «bú» yìí, Bàbá, òótọ́ lẹ sọ.

Ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú yín pé ẹni tó ni ọjọ́ orí ló tó láti sọ ọ́ tán. Kò sí ẹni tó rí ọjọ́ tí wọ́n bí òun. Ọmọ lè búra sí àṣìṣe tó rí nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dé orí ọjọ́ ìbí gan-an, ọ̀rọ̀ tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn ni, ó sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó sọ fún un, kí ó sọ ìgbà àti ibi tí ó ti gbọ́ ọ, kí ó sì fi hàn pé òun gbà á gbọ́. Ìdí nìyí tí a fi máa ń wá ìyá, bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n tó dàgbà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìyá oníborùn yẹn. 24 Oṣù Kẹsàn-án 1979 ló wà lórí ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n 24 Oṣù Kẹsàn-án 1997 ló wà nínú àkọsílẹ̀ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti fi nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn jẹ ipò ara wọn. Ìyá kò mọ déètì rárá. Ohun tó sọ ni pé, «Ọjọ́ tí wọ́n gbé ìjọba fún Ṣàgàrí ni a sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ Ajé ni mo bí i, ọjọ́ Ajé la sì sọ ọ́ lórúkọ, ó pé ọjọ́ mẹ́jọ.» Kò sí ẹni tí kò mọ 1 Oṣù Kẹwàá 1979. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ ìwé náà yọ mẹ́jọ kúrò, ó sì tẹ 23 Oṣù Kẹsàn-án.

Mo ní kí ó wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ Àìkú ni 23 bọ́ sí. Yorùbá a máa ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, bí a ti ń ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ara wọn tí a fi ń pe ọjà tó ń wáyé ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ní ọrọọrún. Bí 24 bá jẹ́ ọjọ́ kìíní, 1 Oṣù Kẹwàá ni ọjọ́ kẹjọ; méje ni ó yẹ kí ó yọ. Bí a kò bá rí i ni, ìwé tí a fẹ́ fi parí ìjà déètì méjì ìbá ti bí ẹ̀kẹta, àwọn tó máa gbà á ìbá sì kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí ìyá dárúkọ ni mo fi mọ̀, mo sì máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo àwọn àgbà láti ìgbà náà.

Ẹ sì jẹ́ kí ìwé pélébé náà sọ pé ìwé yìí kò lè tún àkọsílẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Àjọ tó ń ṣètò nọ́ńbà ìdánimọ̀ yóò béèrè ìwé-ẹ̀rí ìbí tàbí ìwé ìjẹ́rìísí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ìkànìyàn. Ti kọ́ọ̀tù kàn ń ṣàlàyé bí àṣìṣe ṣe wáyé ni. Èmi ìbá pè é ní «ìwé ìjẹ́rìí», nítorí ohun tí ẹni náà mọ̀, tàbí tí ó gbọ́ tí ó sì gbà gbọ́, nìkan ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kò sí àyè fún àríyànjiyàn tàbí ẹ̀bẹ̀ nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Inú mi dùn pé ẹ ń sọ̀rọ̀ lórí yíyí orúkọ padà, nítorí ó ti bà mí nínú jẹ́ rí. Ṣọlápé ni bàbá mi sọ mí. Ní ilé-ìwé, wọ́n kọ ọ́ ní Sholape. Lórí páásípọ́ọ̀tù, Solape. Nígbà tí mo wá sílé, akọ̀wé kan kọ afidáfíìtì «ìyípadà orúkọ» fún mi, pé mo ti fi Sholape sílẹ̀, mo ti di Solape. Nígbà tí mo gbé e lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kí n mú ìwé ìròyìn tí mo fi kéde orúkọ tuntun wá, kí n sì sọ ìdí tí mo fi sọ orúkọ àtijọ́ nù. Èmi tí n kò sọ orúkọ kankan nù! Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá a kiri. Ṣé «àkọbúra» ni irú ìwé tí mo nílò?

Ògbufọ̀ kọ́ọ̀tù, Ọ̀yọ́:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Irú ìwé kan náà ni; ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ló ṣì yín lọ́nà. Orúkọ yín kò yí padà, ọwọ́ àwọn akọ̀wé ló yí i. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, kí ẹ to wọn bí ó ti wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ fẹ́ máa jẹ́ lọ. Ìyàwó tó gba orúkọ ọkọ, tàbí ẹni tó pa orúkọ ìdílé tì láti jẹ́ òmíràn, ni ìyípadà orúkọ bá mu, ìkéde nínú ìwé ìròyìn sì bá a rìn. Ẹ̀yin atúmọ̀-ìwé, ẹ má fi «ìyípadà» túmọ̀ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ti ná ọ̀pọ̀ ènìyàn lówó.

Olùkọ́-fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé «sh» kò yẹ lórí orúkọ Yorùbá rárá, ta ni kò mọ̀ pé «ṣ» wà? Bí a bá ti ń kọ ọ́ bí ó ti yẹ láti kíláàsì kìíní ni, kì bá má sí ìwé kankan láti lọ bá kọ́ọ̀tù fún. Ti ọjọ́ kẹjọ yẹn, mo dúpẹ́. Mo ti gbàgbé pé ohun tí ẹni náà mọ̀ fúnra rẹ̀ ni òfin ń wá.

Ṣùgbọ́n n kò gba «ìjẹ́rìí» láìsí nǹkan tí yóò tì í lẹ́yìn. Ẹni tó jókòó sábẹ́ igi, tó ní òun rí ìjà, ti jẹ́rìí, kò sì sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fi Ọlọ́run ṣẹlẹ́rìí. Kí ni ó mú ti kọ́ọ̀tù yàtọ̀?

Ògbufọ̀ kọ́ọ̀tù, Ọ̀yọ́:

Ọwọ́ tí ó fi sí i lójú Kọmíṣọ́nà ni, Bàbá. Bí ó bá fọwọ́ sí i nílé, tó rán ọmọ wá pẹ̀lú rẹ̀, tàbí bí lọ́yà tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gba ìbúra náà, ìwé náà kò dúró. Bóyá ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé «lójú ẹni» ni a nílò.

Atúmọ̀-ìwé, Abẹ́òkúta:

Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti pa «àkọbúra» rẹ́, mo sì ti pín «ìyípadà orúkọ» àti «orúkọ púpọ̀ fún ẹnì kan» sí ojú ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo kọ «ìwé ìjẹ́rìí kọ́ọ̀tù» fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú «afidáfíìtì» lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí èyí ni ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà yóò béèrè. Ìṣòro mi ni ẹni tó ṣe é. Bí mo bá pè é ní «abúra», ìyá oníborùn yóò tún ká ọwọ́ sẹ́yìn. Bí mo bá pè é ní «ajẹ́rìí», olóòtú mi, ọmọ ìjọ ni, ní ajẹ́rìíkú ni òun ń gbọ́.

Olùkọ́-fẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde:

Olóòtú rẹ gbọ́ ọ dáadáa. «Ẹlẹ́rìí» ni.

Ògbufọ̀ kọ́ọ̀tù, Ọ̀yọ́:

Rárá o, Bàbá. Ní kọ́ọ̀tù wa, ẹlẹ́rìí ni ẹni tó wọ inú àpótí tí wọ́n sì lè bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ẹni yìí tẹ ìka, ó sì ti lọ sílé.