Ìrírí wa nípa dídá ọ̀rọ̀ Yorùbá padà sí olórí ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ ìṣàwárí

Akójọ-Àlọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú wa rí nígbà tí a ń ṣe ẹ̀rọ ìṣàwárí fún àkójọ àlọ́ tí a tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀yin náà sì sọ tiyín. Ohun tí a ń lé ni pé bí ènìyàn bá tẹ «rà», kí ó rí gbogbo ibi tí «ra», «rírà» àti «àìrà» ti jẹyọ, nítorí «rà» ni olórí ọ̀rọ̀ tí yóò bá nínú ìwé atúmọ̀ èdè.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà, ṣùgbọ́n ìwé tí a fi àmì ohùn sí dáadáa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. A ń kọ «ó rà á», ṣùgbọ́n «ó ra aṣọ». A ń kọ «ó gbà á», ṣùgbọ́n «ó gba owó». Bí ẹ̀rọ bá ka «ra» àti «rà» sí ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára tan, ìdajì èsì ni ẹni tó ń wá nǹkan yóò máa pàdánù.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù ni «kọ». Nínú «ó kọ lẹ́tà», olórí ọ̀rọ̀ ni «kọ», olóhùn àárín láti ilẹ̀ wá. Nínú «ó kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀», olórí ọ̀rọ̀ ni «kọ̀», èyí tí ohùn rẹ̀ gòkè nítorí àbọ̀ tó tẹ̀ lé e. Lójú ìwé, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìgbà tí arọ́pò orúkọ bá dé ni ìyàtọ̀ máa ń hàn: «ó kọ ọ́» kì í ṣe «ó kọ̀ ọ́». Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gé ìwé rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó tò wọ́n ní a-b-d, tó wá ń wá olórí wọn lẹ́yìn náà, ti ju ẹ̀rí tó nílò nù. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àtòjọ.

Túnjí L.

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ní tiwa, a kò jẹ́ kí ó le tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo àmì ni a yọ, ti orí àti ti ìsàlẹ̀, «rà» àti «ra» sì di `ra` lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá nǹkan, wọn kì í sì í tẹ àmì kankan. Ẹ wò ó bóyá ohun tí ẹ nílò kò ju ìyẹn lọ.

Olùkọ́ Bísí

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀rọ tó ń tún àṣìkọ ṣe ni ẹ ń sọ? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi kò ní i. Ṣùgbọ́n mo ti fi irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní `WordNetLemmatizer` ṣiṣẹ́ lórí àròkọ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó yà mí lẹ́nu pé ó sọ `was` di `wa`. Ẹnì kan ló ṣàlàyé fún mi pé bí a kò bá sọ irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ fún un, ọ̀rọ̀-orúkọ ló máa ń kà á sí, ó sì gé `s` ìdí rẹ̀ bí ẹni pé ó ń fi hàn pé nǹkan ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí mo fi `pos="v"` kún un, ó mú `be` wá.

Akójọ-Àlọ́

Ẹ̀yin Olùkọ́, kì í ṣe ti àṣìkọ, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ yín wọlé gan-an ni: irú ọ̀rọ̀ tí nǹkan jẹ́ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀.

Túnjí, òótọ́ wà nínú ohun tí o sọ. Ìbéèrè tí kò ní àmì gbọ́dọ̀ rí èsì, nítorí náà a ń fi ẹ̀dà aláìlámì pamọ́ sí ààyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà yẹn kì í ṣe olórí ọ̀rọ̀. Bí o bá yọ gbogbo àmì, «oko», «ọkọ», «ọkọ̀» àti «ọkọ́» yóò di `oko` kan ṣoṣo, ẹni tó ń wá àlọ́ nípa àgbẹ̀ yóò sì máa ka ti tọkọtaya.

Kí a tó dé orí ohùn rárá, ẹ rí i pé lẹ́tà yín dọ́gba. Àwọn kan fi ìlà kékeré sí abẹ́ «e» dípò àmì tóótun, ojú kò sì lè fi bẹ́ẹ̀ dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mọ̀ pé wọ́n yàtọ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

```python
w = w.lower().replace("\u0329", "\u0323")
w = unicodedata.normalize("NFC", w)
```

Ìlà kejì kò gbọdọ̀ ṣíwájú ìkíní. Bí ó bá ṣíwájú, «e» àti àmì abẹ́ rẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ yóò wà ní lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kò sì ní bá «ẹ» inú ìwé atúmọ̀ èdè mu. Ohun tí ẹ ó fi mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan náà yóò jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú àtòjọ yín, ẹ kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan láàárín méjèèjì.

Ọmọ Kétu

Mo kí yín láti Bẹ̀nẹ̀. Ti wa tún yàtọ̀ díẹ̀. Nínú àwọn ìwé tí wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì orílẹ̀-èdè wa kọ, `ɛ` àti `ɔ` ni a ní dípò «ẹ» àti «ọ», `kp` dípò «p», àti `sh` dípò «ṣ». Àfi kí a kọ́kọ́ yí wọn padà kí olórí ọ̀rọ̀ tó lè jáde. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni ẹ ṣe ṣe «lílọ», «jíjẹ» àti irú wọn? Àwa sọ fún ẹ̀rọ pé kí ó gé kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́ àti «í», bí kọ́ńsónáǹtì kan náà bá tún tẹ̀ lé e. Ó ṣiṣẹ́, títí ó fi sọ «Bíbélì» di «bélì».

Akójọ-Àlọ́

Òfin yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé lẹ́tà kan ni «gb», kí «gbígbà» má baà sọnù. Ohun tó ń dáàbò bò wá ni pé a kì í gba ohun tí òfin bá mú jáde àfi bí ó bá wà nínú àtòjọ olórí ọ̀rọ̀. «Bélì» kò sí níbẹ̀, nítorí náà «Bíbélì» dúró bí ó ṣe wà. Kí òfin kankan tó ṣiṣẹ́ rárá, a máa ń wo odindi ọ̀rọ̀ náà ná. Àwọn ìwé àtijọ́ a máa kọ «ń lọ» papọ̀, a sì ní òfin tó ń gé «ń» kúrò. Bí a kò bá kọ́kọ́ wo odindi, «ńlá» yóò di «lá», èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, ààbò àkọ́kọ́ yẹn kò sì ní rí i mú.

Ní ti ohùn, ìbéèrè tí a ń bi ẹ̀rọ ni pé: ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ́lì, ṣé ó sì ju lẹ́tà kan lọ? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Báyìí ni «wo àwòrán» ṣe ń lọ sábẹ́ «wò», tí «ilé wo ni?» kò sì lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò ni kò gbọ́ràn, bí «ra búrẹ́dì» àti «wo fíìmù». Àwọn ìyẹn ní àtòjọ tiwọn. «Kọ» ní tirẹ̀, a fi sábẹ́ olórí méjèèjì, àmọ́ èyí tí a fi òye gbé ni a máa ń tò sí ìsàlẹ̀ èsì.

Ọmọ Kétu

Ó yé mi. Ṣùgbọ́n bí odindi ọ̀rọ̀ bá ti ń ṣíwájú, «títì» tí ọkọ̀ ń gbà yóò borí «títì» inú «ìlẹ̀kùn títì», ẹni tó bá tẹ «tì» kò sì ní rí ìkejì.

Akójọ-Àlọ́

Òótọ́ ni. Èmi ń fi irú wọn sábẹ́ olórí méjèèjì bíi ti «kọ», ṣùgbọ́n ẹnì kejì mi nídìí iṣẹ́ yìí kò fara mọ́ ọn, ó ní èsì tí kò bá ìbéèrè mu yóò pọ̀ jù. Ti «kọ̀wé» náà ṣì wà nílẹ̀: «kọ ìwé» ló para pọ̀ dì í, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí «kọ̀» níbẹ̀ sì ti ara «ìwé» wá, nítorí náà ẹni tó bá tú u pẹ̀lú gígé lásán yóò gbé e lọ sábẹ́ «kọ̀» tí à ń kọ ìyàwó. Ní báyìí, odindi ni a fi «kọ̀wé» àti «kàwé» sílẹ̀ bí ìwé atúmọ̀ èdè ṣe tò wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá ti tú irú wọn láìda ohùn rú, kí ó jọ̀wọ́ sọ bí ó ṣe ṣe é.