Àdìpọ̀ tàbí àtòpọ̀? Ọ̀rọ̀ lórí fọ́tò nóòtì

Akẹ́kọ̀ọ́: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà. Mo ya nóòtì tí mo fọwọ́ kọ ní fọ́tò 14, mo fẹ́ kí wọ́n di PDF kan tó ṣeé kà tẹ̀léra. Ẹnìkan pe iṣẹ́ yìí ní "àdìpọ̀ àwòrán". Ṣé ó tọ̀nà?

Bàbá Olùkọ́: Kò tọ̀nà rárá, ó sì ń bí mi nínú. Igi ìdáná là ń dì. Ta ló ń bèèrè èyí tó ṣáájú nínú ìdì igi? Ọmọ ọmọ mi di tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, láti 1.jpg dé 14.jpg. Kọ̀ǹpútà ń wo orúkọ láti apá òsì bí ẹni ń wo lẹ́tà, nítorí náà 10 ṣáájú 2, ojú ìwé kejì wá bọ́ sí ipò keje. Ìtàn Ìjàyè ni. Ojú ìwé kìn-ín-ní parí sí "Kúrunmí kò gbà pé", èyí tó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ìlú náà tú ní 1862". Ibi ìparí ojú ìwé kan àti ìbẹ̀rẹ̀ èkejì ni kí o máa wò. Fi òdo ṣáájú, 01.jpg, 02.jpg, títí dé 14.jpg, kí o tó pàṣẹ:

```
img2pdf *.jpg -o itan.pdf
```

Títò ni gbogbo iṣẹ́ náà. Àtòpọ̀ ni ká pè é.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, Bàbá, ṣùgbọ́n "à-" ni ohun tí iṣẹ́ bí, bí i àkójọ. PDF ni àtòpọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni ìtòpọ̀. Ẹni tó bá sì fi àmì sí ìsàlẹ̀ "o" yẹn ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ níwájú àgbà. Ọmọ mi, fi wọ́n ránṣẹ́ sí ara rẹ lórí Wasáàpù lẹ́sẹẹsẹ, wàá rí wọn bí o ṣe fi wọ́n ránṣẹ́.

Bàbá Olùkọ́: Ẹ gba "ì-" lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n Wasáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀, bírò tó ti ṣá á sì rú mọ́ ìlà ìwé. Bí ó bá gba ibẹ̀, kó yan Document.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù: Nóòtì bàbá mi tó ti sùn ni mo yà, pẹ́ńsù ló fi kọ ọ́. Abẹ́ iná àjà ni mo ti kọ́kọ́ yà á, òjìji ọwọ́ mi bo ìdajì ojú ìwé. Ìgbà tí mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé ni lẹ́tà rẹ̀ yọ. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, ìdìpọ̀ ló ń pè é. Ṣé "Ìdìpọ̀ Kìíní" kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ sára ìwé ńlá ni? Ẹ má dá "dì" lẹ́bi.

Bàbá Olùkọ́: Wọ́n ti tò wọ́n kí wọ́n tó dì wọ́n. Ta ló tò ti ọmọ yìí?

Akẹ́kọ̀ọ́: Mo ti fi òdo ṣáájú. 09 ti kan 10 báyìí, ṣùgbọ́n ojú ìwé 3 dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí la ń pe yíyí i dìde?