Ta ló ti fi èmójì ránṣẹ́ rí tó di àpótí lójú ẹni tó gbà á?

Aláṣọ Balógun: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àńkárá ni mò ń tà ní Balógun, mo sì máa ń fi tẹ́síìtì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́mà mi tí wọ́n bá ti rajà, ọwọ́ méjì tó ṣe àmì ọkàn yẹn ni mo máa ń fi sí i nídìí, èyí tó dúdú bí àwọ̀ wa. Màmá àgbà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó wá pè mí, wọ́n ní àpótí òfìfo làwọn rí, nǹkan búráùn kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n ní ṣé inú ń bí mi ni. Kí ló ń fa irú ẹ̀?

Ìyá Bàríga: Ó ti ṣe tèmi náà bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ní kí wọ́n ọ́pídéètì Wásáàpù wọn, bí ọmọ mi ṣe bá mi ṣe tèmi báyìí gbogbo ẹ̀ ló jáde.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì: Ìyá Bàríga, ibi tẹ́ ẹ sọ yẹn dáa fún Wásáàpù, torí ó gbé àwòrán èmójì tiẹ̀ dání lórí Áńdíróòdù. Àmọ́ tẹ́síìtì ni tiwọn o, fọ́ǹtì inú fóònù gan-an ló ń ya èyí.

Ẹ wò ó, àwòrán kọ́ lẹ fi ránṣẹ́ sí màmá, nọ́ńbà ni. Yúníkóòdù ló ń fún èmójì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú ẹ̀, U+1F602 ni, láti 2010 ló ti wà. Ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, U+1FAF6, 2021 ló dé. Nọ́ńbà yẹn ló máa sọdá, fóònù tó gbà á á wá lọ wo fọ́ǹtì ẹ̀ bóyá àwòrán tó bá a mu wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tàńkárá, bí kọ́sítọ́mà bá pè láti Ìbàdàn tó sọ nọ́ńbà díṣáìnì tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù yín, nọ́ńbà ẹ̀ dáa, ọjà yẹn ni kò sí. Fóònù 2018 tí wọn ò ọ́pídéètì mọ́, níbo ló ti fẹ́ rí àwòrán 2021? Àpótí ló máa gbé síbẹ̀.

Nǹkan búráùn yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé fọ́ǹtì ni. Ọwọ́ dúdú yẹn, nọ́ńbà méjì ló tẹ̀lé ara wọn:

```
U+1FAF6 U+1F3FE
```

Èyí tó ṣíwájú ni ọwọ́, èyí tó tẹ̀lé e ni àwọ̀. 2015 ni àwọ̀ ti dé, torí náà fóònù màmá mọ àwọ̀, kò mọ ọwọ́, ló bá ya àwọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n fọ́wọ́ọ̀dù mẹ́sééjì yẹn padà sí yín. Tó bá jáde dáadáa lọ́dọ̀ yín, nọ́ńbà ò bàjẹ́ nìyẹn. Àmì ìbéèrè ló bá gbé wá, a jẹ́ pé ojú ọ̀nà ló ti bàjẹ́, ìyẹn ti yàtọ̀.

Aláṣọ Balógun: Ẹ ṣé gan-an ni bọ̀dá. Ọmọ-ọmọ wọn ti bá wọn fi ránṣẹ́ padà, ọwọ́ náà jáde, tòun ti àwọ̀ ẹ̀! Ṣé a lè wá fi fọ́ǹtì tuntun sí fóònù wọn?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì: Láti Áńdíróòdù 12 ni fọ́ǹtì ti lè wọlé lọ́tọ̀ láìdúró de ọ́pídéètì odindi fóònù. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ 12, àfi tí àwọn tó ṣe fóònù bá fi ránṣẹ́, tàbí tí áàpù tẹ́síìtì yẹn bá gbé tiẹ̀ dání. Ẹ kúkú máa fi ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́ sí màmá, U+1F64F, 2010 ni tiẹ̀ náà.

Ìyá Bàríga: Tèmi ṣì ń ṣe nǹkan kan o. Nínú Wásáàpù ó dáa, àmọ́ tí mẹ́sééjì bá kọ́kọ́ yọ lókè fóònù, àpótí ṣì ni.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì: Fóònù ló ń ya ti òkè yẹn, fọ́ǹtì tiẹ̀ ló ń lò. Tẹ́ ẹ bá ti wọnú Wásáàpù, tiẹ̀ ló máa lò.

Atẹ̀wé Ṣómólú: Èmi ò tiẹ̀ bá èmójì wá. Ìwé ìpè ìgbéyàwó ni mò ń tẹ̀, wọ́n á fi orúkọ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì, bí mo bá ti sọ ọ́ sínú fọ́ǹtì olówó iyebíye tí ìyàwó fẹ́, lẹ́tà ẹ á di àpótí. Ṣé nǹkan kan náà ni?

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì: Nǹkan kan náà ni. U+1EB9 ni ẹ, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ìgbéyàwó ò sì ní in. Tẹ́ ẹ bá tún gbé àmì lé e lórí, ẹ́ ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dá dúró, ẹ lẹ máa kọ́kọ́ rí, U+0301 á wá tẹ̀lé e, fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa gbé e lé e lórí.

Atẹ̀wé Ṣómólú: Èyí tó wá sú mi nìyẹn. Kọ̀ǹpútà méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, fọ́ǹtì kan náà ni mo fi fláàṣì kó sí méjèèjì, lórí ọ̀kan àmì jókòó sórí ẹ dáadáa, lórí ìkejì ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì: Ó lè jẹ́ áàpù tẹ́ ẹ fi ń ṣe díṣáìnì ló yàtọ̀ lórí wọn, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà láìrí i. Ẹ ya sikirínṣọ́ọ̀tù méjèèjì wá.