Wọ́n yọ ₦322,500 nínú owó iṣẹ́ wa. Ṣé iye tó yẹ kí wọ́n yọ nìyẹn?

Ìyá Ìbejì, Abẹ́òkúta (8 Oṣù Kẹwàá 2025)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ìṣirò kan. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Iṣẹ́ kọ́lékọ́lé ni èmi àti ọkọ mi ń ṣe. Láti 2023 la ti sọ ilé-iṣẹ́ wa di lìmítẹ́ẹ̀dì, a sì ní TIN, ìyẹn nọ́ńbà owó-orí. Ilé-ìwé aládàáni kan gbé iṣẹ́ fún wa pé ká bá àwọn tún kíláàsì mẹ́fà ṣe: òrùlé tuntun, rírẹ́ ògiri, fèrèsé. Oṣù Kẹjọ la parí rẹ̀. Ohun tí mo kọ sínú ínfóìsì nìyí:

Owó iṣẹ́ àti ohun èlò: ₦6,000,000
VAT 7.5%: ₦450,000
Àpapọ̀: ₦6,450,000

Ní ọjọ́ 12 Oṣù Kẹsàn-án, alẹ́ẹ̀tì wọlé: ₦6,127,500. Mo mọ̀ pé wọ́n máa yọ owó-orí àyọsílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ó máa tó ₦322,500. Mo pe àkáńtáǹtì wọn, ó ní, "Mà, bí ìjọba ṣe ní ká yọ ọ́ nìyẹn, a sì ti san án fún wọn." Kò fún mi ní ìwé kankan. Ṣé ó tọ̀nà?

Bọ̀dá Mufu

Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ìbejì. 5% ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ kọ́ńtírákítọ̀. Láti 2009 ni mo ti ń kó ohun èlò fún àwọn ilé-iṣẹ́, 5% yìí náà ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ mi. Wọn ò rẹ́ yín jẹ.

Ìyá Tóbi Télọ̀

Èmi náà fẹ́ béèrè o. Mo rán yúnifọ́ọ̀mù ₦800,000 fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan, wọ́n sì yọ owó-orí níbẹ̀. Ẹnì kan sọ fún mi pé bí owó ò bá ti ju mílíọ̀nù méjì lọ, wọn ò gbọdọ̀ yọ nǹkan kan. Ṣé mo lè gbà á padà?

Àǹtí Ṣadé

Ìyá Ìbejì, ẹ mú kakulétọ̀ yín. Ẹ fi ₦6,000,000 pín ₦322,500. 5.375% ni yóò jáde, kò sì sí irú ìdá bẹ́ẹ̀ nínú òfin. Ẹ wá fi ₦6,450,000 pín in. 5% géérégé ni. Àṣírí àkáńtáǹtì yẹn ti tú nìyẹn: orí àpapọ̀ ló ti ṣírò, VAT wà nínú rẹ̀. A kì í yọ owó-orí àyọsílẹ̀ lórí VAT. Owó iṣẹ́ nìkan là ń wò.

Àṣìṣe kejì ni 5% yẹn fúnra rẹ̀. Bọ̀dá Mufu, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni. Ìlànà tuntun jáde ní 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 Oṣù Kìíní 2025. 2% ni fún iṣẹ́ ilé kíkọ́, 2% náà ni fún kíkó ohun èlò wá àti fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mìíràn. Àwọn onímọ̀ràn, lọ́yà àti irú wọn ló wà ní 5%. Bí wọ́n bá ní iṣẹ́ àtúnṣe kì í ṣe ilé kíkọ́, ó ṣì máa bọ́ sí abẹ́ 2% náà ni.

Nítorí náà, 2% nínú ₦6,000,000 jẹ́ ₦120,000. Ó yẹ kí ₦6,330,000 wọlé fún yín. ₦202,500 ni wọ́n fi yọ jù.

Ìyá Tóbi, àánfààní mílíọ̀nù méjì yẹn wà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń sanwó ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn èyí tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 25 lọ, ẹni tó ń gba owó náà sì gbọ́dọ̀ ní TIN. Ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ sọ pé ó san tiyín, àánfààní yẹn ò kàn wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé ìdá mélòó ni wọ́n yọ.

Bọ̀dá Mufu

Háà, Àǹtí Ṣadé, ẹ ṣeun. Ó túmọ̀ sí pé láti oṣù Kìíní ni wọ́n ti ń yọ tèmi jù. Màá kó gbogbo ìwé mi jáde lálẹ́ òní. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì, ṣé kì í ṣe pé ẹ ò fún wọn ní TIN? Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń sọ ọ́ di méjì fún ẹni tí kò bá ní.

Àǹtí Ṣadé

Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ 2% di méjì, 4% ni, ₦240,000 nìyẹn. Kò bá ohun tí wọ́n yọ mu.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí Ìyá Ìbejì mọ̀. ₦22,500 nínú owó tí wọ́n yọ ti inú VAT yín jáde, bẹ́ẹ̀ gbogbo ₦450,000 ni FIRS, àjọ owó-orí ìjọba àpapọ̀, ń retí lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe san án ní àbọ̀ nítorí pé owó yín ò pé.

Ìyá Ìbejì

Ọlọ́run á bù kún yín, àǹtí mi. Ṣé bí wọ́n bá ti san án fún ìjọba, kì í ṣe pé yóò kàn wà níbẹ̀ fún wa de owó-orí ọdún? Owó tó wọlé fún wa látìgbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀ kò tíì tó mílíọ̀nù 19.

Àǹtí Ṣadé

Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí fún yín. Lábẹ́ òfin ọdún 2025 yìí, ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò ju mílíọ̀nù 25 lọ kì í san owó-orí èrè. Kí lẹ máa wá fi ₦322,500 dín? Yóò kàn jókòó síbẹ̀ ni, àfi tí ẹ bá kọ̀wé pé kí wọ́n dá a padà. Ẹ jẹ́ kí ilé-ìwé ṣàtúnṣe rẹ̀ nísinsìnyí. Owó tí wọ́n yọ nínú oṣù Kẹsàn-án, ọjọ́ 21 oṣù yìí ni gbèdéke tí wọ́n ní láti san án fún FIRS.

Ẹ wọ TaxPro Max, ìkànnì FIRS, pẹ̀lú TIN yín, kí ẹ wò ó bóyá owó náà ti hàn. Ẹ sì ní kí wọ́n fún yín ní rìsíìtì tó sọ orúkọ yín, TIN, irú iṣẹ́, odindi owó, iye tí wọ́n yọ àti oṣù tí wọ́n yọ ọ́.

Ìyá Ìbejì (10 Oṣù Kẹwàá)

Mo ti wọ̀ ọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo bá gbéra lọ sí ilé-ìwé náà lónìí. Àkáńtáǹtì fa fáìlì yọ, ó fi ìwé báńkì hàn mí. Wọ́n san ₦322,500 náà lóòótọ́, àmọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n san án fún. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa àtijọ́ ló wà lórí ìwé náà, èyí tí a ń lò kí a tó di lìmítẹ́ẹ̀dì. Ojú tì í, ó bẹ̀ mí. Ó gbà pé àwọn ṣì í ṣírò.

Àǹtí Ṣadé

Ìdí tí ẹ ò fi rí i nìyẹn. Ti ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ṣọ́ọ̀bù tí kì í ṣe lìmítẹ́ẹ̀dì ló ń lọ sí ìpínlẹ̀. Ti lìmítẹ́ẹ̀dì, FIRS ni. Ilé-ìwé náà ṣì gbọ́dọ̀ san ₦120,000 fún FIRS pẹ̀lú TIN ilé-iṣẹ́ yín kó tó di ọjọ́ 21, kí wọ́n sì fún yín ní ₦202,500. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa lọ béèrè owó wọn padà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀.

Bọ̀dá Mufu

Wọn ò ní gbà bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n á ní kí ẹ dúró kí ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ dá owó padà. Mo mọ ẹnì kan tó dúró láti ọdún tó kọjá, kò tíì rí i gbà.

Ìyá Ìbejì

Ohun tí àkáńtáǹtì náà ń sọ gan-an nìyẹn, Bọ̀dá. Ó ní ọ̀gá àgbà ló máa pinnu. Mo ti kọ lẹ́tà sí ọ̀gá náà, mo so ínfóìsì àti ìṣirò Àǹtí Ṣadé mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n ní kí n padà wá.